Ọpẹ́ tí kò mọ ohun tí wọ́n ṣe fún un

Àbọrú, àbọyè, àbọ ṣíṣẹ o, ẹ̀yin ará ilé wa. Ọdún Ifá ti kọjá, a ti fọ ìkòkò, àga tí a yá ti padà sọ́dọ̀ olówó rẹ̀. Ohun tó máa ń kù nílẹ̀ lẹ́yìn ọdún ni ọpẹ́. Ọ̀rọ̀ ọpẹ́ yìí ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí, torí pé ó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láàárín èmi àti aládùúgbò mi kan, mi ò sì fẹ́ kó dé ilé ẹlòmíràn nínú wa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́. Ní àìsùn ọdún, iná lọ ní Tanke níbí, ẹ̀rọ tó ń fa omi sínú táǹkì wa ò ṣiṣẹ́. Jẹnẹrétọ̀ tí a gbójú lé, a fà á títí, kò dún. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́rin ìdájí, kò sí omi tí a ó fi dáná, kò sí èyí tí a ó fi fọ ẹran, àlejò sì ti ń múra láti Ọ̀fà àti Ògbómọ̀ṣọ́. Alàájà kan wà ní òdìkejì ọ̀nà wa tó ń ta èlùbọ́. Òun ló gbọ́ ariwo garawa òfìfo. Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ó ṣí kànga rẹ̀, ó gbé okùn àti dòrò tirẹ̀ jáde, ó ní kí àwọn ọmọ wa máa fà. Kò padà lọ sùn o. Ó gbé àpótí sẹ́bàá kànga, ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó jókòó tì wọ́n kí ọmọ kankan má baà yọ̀ ṣubú. Ìgbà tí wọ́n pe ìrun àsùbáà ló tó dìde. Dúrọ́ọ̀mù mẹ́ta làwọn ọmọ fà kún kílẹ̀ tó mọ́.

Ní ọjọ́ kẹta ọdún, mo ní kí ọmọ awo mi àgbà bá mi fi ọpẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn èèyàn lórí Wasáàpù. Ó ṣe é kíá. Kò pẹ́ rárá tí ọpẹ́ fi dé ọ̀dọ̀ èèyàn tó lé ní ọgọ́ta. Ohun tó kọ nìyí:

“Ẹgbẹ̀rún ahọ́n kò tó láti fi dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ọ̀rọ̀ kò tó láti fi ìmọrírì wa hàn. Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìnára, ẹ kú àdúrótì. Bí a bá ní ká máa dárúkọ, ilẹ̀ á kún. A kò ní fi ìbànújẹ́ san án fún yín. Òrìṣà á gbè yín o. Àṣẹ.”

Ó kà á fún mi kó tó fi ránṣẹ́. Èmi náà ní ó dáa. Ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe tirẹ̀, torí pé irú ọpẹ́ tí èmi fúnra mi máa ń sọ lórí ìdúró ló kọ sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, Alàájà ò yà kí wa mọ́. Tó bá ń kọjá, á kí wa lókèèrè, á sì máa lọ. Ìyá àwọn ọmọ mi wá lọ ra èlùbọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Alàájà gbé fóònù fún un, ó ní, “Ẹ bá mi wo nǹkan yìí. Ìnáwó wo ni mo ná? Mi ò mú kọ́bọ̀ wá. Ṣé wọ́n fi ń bú mi ni, àbí wọ́n ṣi nọ́ńbà?” Ó tún ní, “Ọmọ mi ọkùnrin ló kà á fún mi. Ó bi mí pé kí ni mo ṣe fún òrìṣà tí òrìṣà fi fẹ́ gbè mí. Mi ò rí èsì fún un. Omi ni mo fún àwọn ọmọ.”

Nígbà tí ìyàwó mi sọ ọ́ fún mi, ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ló dùn mí jù. Omi ni mo fún àwọn ọmọ. Gbogbo ohun tó yẹ ká kọ sí obìnrin yìí wà nínú gbólóhùn kan ṣoṣo tóun fúnra rẹ̀ sọ. Àwa kọ gbólóhùn mẹ́fà sí i, a ò dárúkọ omi.

Mo jókòó, mo tún àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn kà gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí. “Ẹgbẹ̀rún ahọ́n kò tó.” Ó dáa, ṣùgbọ́n ahọ́n kan tí a ní, kí la fi sọ? “Ọ̀rọ̀ kò tó.” Ọ̀rọ̀ wo la ti kọ́kọ́ lò tá a fi mọ̀ pé kò tó? “Bí a bá ní ká máa dárúkọ, ilẹ̀ á kún.” Ẹni tó bá kà á mọ̀ pé orúkọ òun wà lára àwọn tí a gbójú fò. “Ẹ kú ìnáwó” bá ẹni tó náwó mu. Tó bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò náwó, àmọ́ tó fi oorun rẹ̀ sílẹ̀, ńṣe ló máa dà bí ẹni pé à ń bi í pé owó tirẹ̀ dà. “Òrìṣà á gbè yín” dùn létí èmi àti ẹ̀yin. Létí ọmọ Alàájà, ó dà bí ẹni pé ìyá rẹ̀ wá bọ nǹkan lọ́dọ̀ wa. Bí a bá ti sọ pé omi ló fún àwọn ọmọ ni, ìbéèrè yẹn ò ní jáde lẹ́nu ọmọ rẹ̀ rárá.

Ìdánwò kan wà tí mo wá rí. Mú orúkọ ẹni tí o kọ ọpẹ́ sí kúrò, fi orúkọ ẹlòmíràn sí i. Bí kò bá sí ọ̀rọ̀ kan tó yẹ kó yí padà, o ò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kankan nínú àwọn méjèèjì. Àtẹ̀jíṣẹ́ tiwa yìí, bí a bá fi ránṣẹ́ sí ẹni tó jókòó sílé tirẹ̀ lọ́jọ́ náà, á bá a mu.

Ohun tó tì mí lójú ni pé àwa awo ló yẹ ká mọ̀ ọ́n ṣe jù. Ẹ wo bí ẹsẹ Ifá ṣe rí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá, tó ṣe ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ifẹ̀ láti 1982 dé 1989, pín ẹsẹ Ifá sí apá mẹ́jọ nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1976, àwa tí a kọ́ Ifá lẹ́sẹ̀ ọ̀gá náà sì mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Ẹsẹ á kọ́kọ́ dárúkọ àwọn awo tó dífá. Á dárúkọ ẹni tí wọ́n dá a fún. Á sọ ohun tó ń ṣe onítọ̀hún tó fi wá. Á sọ ohun tí wọ́n ní kó rú. Á sọ bóyá ó rú u àbí kò rú u. Á sọ ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Lẹ́yìn náà ni onítọ̀hún á wá máa jó, á máa yọ̀, á máa yin àwọn awo rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ló máa ń kẹ́yìn. Kì í ṣe gbogbo ẹsẹ ló máa ń ní gbogbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ṣùgbọ́n bó ṣe ń tò nìyẹn.

Ẹ ka á dáadáa. Ayọ̀ àti ìyìn wà ní ipò keje. Apá mẹ́fà ló ṣáájú rẹ̀, gbogbo wọn ló sì ń sọ ẹni tó ṣe é, wàhálà tó wà nílẹ̀, ohun tí wọ́n ṣe sí i, àti ibi tó yọrí sí. Tí ẹsẹ bá fi máa dé ibi tí onítọ̀hún ti ń jó, àwa tí à ń gbọ́ ti mọ ìdí tó fi ń jó. Ọpẹ́ tí àwa fi ránṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ipò keje, ó sì parí síbẹ̀. Ijó ni látòkè délẹ̀, ẹni tó ń wò ó ò mọ ìlù tó ń jó sí.

Ohun kan tún wà tí ọ̀gá mi kọ́ mi. Orúkọ awo àti ti ẹni tí wọ́n dífá fún, a kì í yí i padà. Bí a ṣe gbà á náà la ó ṣe sọ ọ́. Ṣùgbọ́n tó bá dé àárín, níbi tí à ń ròyìn ẹbọ àti ohun tó ṣẹlẹ̀, awo lè fi ẹnu ara rẹ̀ là á. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ọpẹ́ rí. Ìkíni tó wà níbẹ̀rẹ̀ àti ìwúre tó wà níparí lè jẹ́ èyí tí gbogbo ayé ń sọ. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni jáwọ́ nínú “ẹ ṣé” àti “a dúpẹ́”. Àárín ni kó jẹ́ tìrẹ.

Mo wá gba ilé Alàájà lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Àṣà wa náà ni, bí èèyàn bá ṣe wá lóore lónìí, a ó tún lọ kí i ní ìdájí ọ̀la pé ẹ ṣeun àná. Fóònù ti gba ìrìn yẹn lọ́wọ́ wa. Mo bẹ̀ ẹ́, ó ní kò tó nǹkan. Nígbà tí mo délé, èmi àti ọmọ awo mi jókòó, a kọ òmíràn sí i, kí ọmọ rẹ̀ lè rí nǹkan kà:

“Alàájà, ẹ kú ọjà o. Ní ìdájí ọjọ́ ọdún wa, iná lọ, a ò ní omi. Ẹ ṣí kànga yín fún àwọn ọmọ wa ní aago mẹ́rin, ẹ sì jókòó tì wọ́n pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì títí ẹ fi lọ kírun. Dúrọ́ọ̀mù mẹ́ta ni wọ́n fà. Omi yẹn la fi se oúnjẹ tí àlejò wa jẹ, ọmọ kankan ò sì fara pa. Ẹ kú àìsùn, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ìnáwó tí a kọ sí yín lọ́jọ́sí, àṣìṣe wa ni, ẹ má bínú. Kànga yín ò ní gbẹ. Ọlọ́hun á bá yín ṣọ́ àwọn ọmọ tiyín náà.”

Ẹ wò ó bí a ṣe tò ó. A kọ́kọ́ kí i bó ṣe wà, torí pé ọlọ́jà ni. A sọ ọjọ́ náà àti wàhálà tó bá wa. A sọ ohun tó ṣe, a sì fi àmì kan sí i tí ẹlòmíràn ò lè ní, ìyẹn tọ́ọ̀ṣì. A sọ ibi tí omi náà lọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ la tó kí i, ẹ̀yìn ìkíni la tó wúre. Ó gùn ju èyí àkọ́kọ́ lọ. Bí ẹ bá mú orúkọ Alàájà kúrò níbẹ̀ kí ẹ fi tẹlòmíràn sí i, irọ́ ni yóò dà.

Nípa ìkíni, èdè wa ti ṣe iṣẹ́ yìí fún wa tẹ́lẹ̀. Kò sí iṣẹ́ tí èèyàn ṣe tí a ò lè fi “ẹ kú” ṣáájú rẹ̀. Ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ kú ìdúró. Ẹni tó jókòó ti aláìsàn, ẹ kú ìtọ́jú. Ẹni tó rìn wá láti ọ̀nà jíjìn, ẹ kú ìrìn. Ẹni tó wà nídìí iná, ẹ kú iná dídá. Mú ọ̀kan péré tó bá iṣẹ́ tó ṣe mu. Ìgbà tí a bá to mẹ́ta, mẹ́rin jọ tí a sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo ayé ni wọ́n máa ń di òfìfo, torí ó dà bí ẹni tó ju òkúta sínú igbó pé bóyá á ba ẹran.

Nípa ìwúre, ẹ rántí bí a ṣe ń sọmọ lórúkọ. Oyin, a ó fi wúre pé kí ayé ọmọ dùn. Orógbó, pé kó gbó, kó tọ́. Omi, torí pé omi ò lọ́tàá. Kò sí awo tó máa gbé orógbó sókè kó máa wúre oyin lé e lórí. Ohun tó wà lọ́wọ́ ló ń pe ìwúre jáde. Oore tí èèyàn ṣe fún ọ náà ni kó pe ìwúre rẹ̀ jáde. Ẹni tó fún ọ lómi, kí kànga rẹ̀ má gbẹ. Ẹni tó fi ọkọ̀ gbé ọ, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má kọ ibi. Ẹ sì wo ẹni tí ẹ ń wúre fún. Ní Ìlọrin níbí, ilé wa àti ilé onímọ̀le fara kan ara wọn. Ọlọ́hun ni Alàájà ń pè, Ọlọ́hun ni mo sì fi wúre fún un. Kò dín ohun kan kù lára Ifá mi.

Ó tó ká sọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí dé mọ. Àkọ́kọ́ ni ti owó. Ọmọ ilé wa kan tó wà l’Ékòó fi owó ránṣẹ́ sí wa. Mi ò kọ iye tó fi ránṣẹ́ sójú gbangba, torí àwọn àbúrò rẹ̀ tí kò rí tó bẹ́ẹ̀ ṣe wà níbẹ̀. Ohun tí owó náà dà ni mo kọ sí òun nìkan: “Owó rẹ la fi ra ewúrẹ́ Ifá àti iṣu tuntun tí a fi bọ Ifá. Nígbà tí a dá obì, a dárúkọ rẹ.” Èyí wúlò fún un ju kí n ka náírà padà fún un lọ. Ó mọ iye tó fi ránṣẹ́, ohun tí kò rí ni ewúrẹ́.

Èkejì ni ti àṣírí. Bí èèyàn bá ran ọ lọ́wọ́ nígbà tí nǹkan ò rọgbọ, tó sì ṣe é ní kọ̀rọ̀, kọ̀rọ̀ náà ni kí o ti dúpẹ́. Ẹni tí a ṣe iṣẹ́ fún nílé awo, tí ara rẹ̀ yá, tó fẹ́ dúpẹ́, kó má kọ àìsàn rẹ̀ sínú ẹgbẹ́ Wasáàpù. Kí ó kọ ọ́ sí awo rẹ̀. Àwa awo náà, bí a bá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà, ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó mú wá fún wa, ká má sọ ohun tó gbé e wá.

Ẹ̀kẹta, bí èèyàn bá pọ̀, a ò lè kọ ọgọ́ta ìwé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n a lè pín wọn sí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe. Èyí tí a kọ sí ẹgbẹ́ lẹ́yìn náà lọ báyìí: “Ẹ̀yin tí ẹ gún iyán láti aago méje, àlejò tó kẹ́yìn dé bá a ní gbígbóná. Ẹ̀yin onílù, òjò bẹ̀rẹ̀, ẹ wọ abẹ́ àtíbàbà, ẹ ò dákẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ kó àga padà ní alẹ́, kò sí ọ̀kan tó sọnù.” Onílé iyán rí ara rẹ̀ níbẹ̀, onílù rí ara rẹ̀. Àwọn bíi márùn-ún, mẹ́fà tí oore tiwọn yàtọ̀, bíi ti Alàájà, ni a kọ tiwọn lọ́tọ̀.

Ibi tí àṣìṣe ti máa ń wọlé ni ìgbàgbé. Ní ọjọ́ kẹta ọdún, ta ló rántí ẹni tó gbé ìkòkò wá? Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń sá lọ bá ẹgbẹ̀rún ahọ́n, torí kò bèèrè pé ká rántí nǹkan kan. Nínú ilé wa báyìí, ọmọbìnrin kan wà tó máa di ìwé kékeré mú lọ́jọ́ ìnáwó. A ti mọ́ wa lára láti máa kọ orúkọ ẹni tó mú owó wá. Mo ní kó máa kọ ti ẹni tó mú ọwọ́ wá náà: orúkọ, ohun tó ṣe, àti ìgbà tó ṣe é. Ìlà kan fún ẹnì kan ti tó. Èyí tí kò bá dá a lójú, kó bèèrè kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ má fi àbá sínú ọpẹ́ o. Bí o bá kọ sí ẹni tó gún iyán pé ọbẹ̀ rẹ̀ dùn, ó sàn kí o kọ “ẹ ṣé” lásán sí i.

Ẹnìkan lè ní, “Bàbá, ìwọ tí o fi àbọrú bọyè bẹ̀rẹ̀, ṣé ìyẹn náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àtayébáyé tí gbogbo èèyàn ń sọ?” Ó bèèrè dáadáa. Bí àwọn àgbà ṣe sọ ọ́ fún wa, Ìbọrú, Ìbọyè àti Ìbọṣíṣẹ jẹ́ orúkọ àwọn mẹ́ta tó ran Ọ̀rúnmìlà lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ le. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pa ìtàn náà pọ̀, ṣùgbọ́n orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò yí padà. Ìkíni tí à ń lò láti àárọ̀ dalẹ́ jẹ́ ọpẹ́ tó dárúkọ àwọn tó ṣe oore. Bàbá wa ò sọ fún wọn pé bí òun bá ní kóun máa dárúkọ, ilẹ̀ á kún.

Alàájà dá mi lóhùn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a kọ èyí èkejì sí i. Ohùn rẹ̀ ló fi ránṣẹ́. Ó ní, “Bàbá, ọmọ mi ti kà á fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní kó má pa á rẹ́. Mo gbọ́ àṣìṣe yín, ó ti tán. Ṣùgbọ́n dòrò mi ṣì wà lọ́dọ̀ yín o.”

A wá a, a rí i lẹ́yìn táǹkì. Mo gbé e lọ fún un fúnra mi.